Tùwítà tó ń jó ṣáá: kí ni kírọ́sófà lè ṣe sí i, kí ni ò lè ṣe?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní àpótí sípíkà méjì tí mo fi ń ṣe òde. Wúfà ínṣì 10 kan fún báàsì àti tùwítà họ̀ọ̀nù kan fún ìró tín-ín-rín ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, óòmù 8 ni gbogbo wọn, ampilifáyà 200 wáàtì ló ń gbé wọn. Tùwítà ti jó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin. Kapásítọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀gá tó bá mi kàn án fi sára tùwítà, wọ́n kọ 10 µF 50V sí i. Ẹnì kan wá ní kí n ra kírọ́sófà, bọ́ọ̀dù tó ń pín ìró fún wúfà àti tùwítà, èyí tí wọ́n kọ 3000 Hz sí, pé tùwítà ò ní jó mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kírọ́sófà yìí ń ṣe tí kapásítọ̀ mi ò lè ṣe?"

Àbúrò mi, kó o tó ná kọ́bọ̀ kankan, ṣé àwọn tùwítà tó jó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹ? Má tíì dà wọ́n nù o. Tú ìdérí ẹ̀yìn wọn, skúrù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀, kó o rọra yọ dayáfùrámù jáde, ohun roboto fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn tí wọ́n we wáyà tín-ín-rín bí irun orí mọ́ létí, kó o gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ kó o wò ó dáadáa. Ọ̀nà méjì ni tùwítà máa ń gbà kú, ojú sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Tí wáyà tí wọ́n we yẹn bá ti dúdú, tí fáníìṣì ara ẹ̀ ti hó, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ooru ló pa á, iná tó gbà ju èyí tó lè gbà lọ. Àmọ́ tí wáyà yẹn bá ṣì mọ́ tónítóní, tó jẹ́ pé okùn wáyà kékeré tó jáde látinú ẹ̀ wá síbi tẹ́míná ló já, tàbí tí dayáfùrámù fúnra ẹ̀ sán, a jẹ́ pé ooru kọ́ nìyẹn, rírìn síwá-sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ ló pa á. Ohun tí wọ́n ń sọ pé ó "jó" lójú òde, lọ́pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe jíjó rárá, ńṣe ló já. Ìtọ́jú méjèèjì sì yàtọ̀ síra, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o kọ́kọ́ tú u wò.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí kapásítọ̀ ẹ, torí ibẹ̀ gan-an lọ́rọ̀ wà. 10 µF 50V, dúdú, roboto bí ìka ọwọ́, mo fẹ́ kó o wo ara ẹ̀ bóyá ìlà funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ní àmì ìyọkúrò. Tó bá wà, irú kapásítọ̀ tí wọ́n ń fi sínú páwà ampilifáyà nìyẹn, tó ní ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù, kò sì sí ohun tó pa á pọ̀ mọ́ sípíkà. Iná tó ń wá sí sípíkà kì í dúró lójú kan, ó ń lọ ó ń bọ̀, tó bá jẹ́ pọ́sítíìfù báyìí á di nẹ́gétíìfù láìpẹ́, kapásítọ̀ onílà funfun yẹn ò sì fẹ́ràn kí iná gba ẹ̀yìn wọlé sí i. Á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, orí ẹ̀ á wú, lọ́jọ́ tó bá wá ṣọ́ọ̀tì pátápátá, ó ti di wáyà lásán nìyẹn, gbogbo báàsì tó wà nínú orin á bọ́ tààrà sórí tùwítà. O lè pààrọ̀ tùwítà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lórí irú kapásítọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa kú.

50V yẹn tún kéré. Ampilifáyà 200 wáàtì lórí óòmù 8 ń gbé iná bíi fóòtì 40 jáde, àmọ́ iye tí mítà ń kà nìyẹn, ṣóńṣó orí ẹ̀ ń dé 56 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàá ní kí ló kan kapásítọ̀ tùwítà níbẹ̀, ṣebí ìró tín-ín-rín nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Òdìkejì ni o. Báàsì tí kapásítọ̀ ò jẹ́ kó kọjá, orí òun fúnra ẹ̀ ló ń dúró sí, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì látìta, báàsì sì ni fóòtì ẹ̀ máa ń ga jù nínú orin òde. Èyí tó o nílò ni kapásítọ̀ fíìmù, 100V ó kéré tán, 250V ló dáa jù, kì í ní ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gétíìfù, bó o ṣe fẹ́ lo ṣe lè fi sí i. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tó wà lára ẹ̀ báyìí ti bàjẹ́, yọ ẹsẹ̀ ẹ̀ kan, fi mítà kàn án níbi tí wọ́n ti ń wọn óòmù, nọ́ńbà á kọ́kọ́ yọ, á máa gòkè, á sì ré kọjá ohun tí mítà lè kà. Tí nọ́ńbà kékeré bá dúró síbẹ̀ tí kò lọ mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀tì.

Ká wá ní kapásítọ̀ ẹ tiẹ̀ dáa pàápàá, iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nìyí, Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n wá rò pé 3000 Hz tí wọ́n kọ sára kírọ́sófà dà bí ògiri, pé ohun tó wà lókè ẹ̀ lọ sí tùwítà, ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lọ sí wúfà, kò sì sí ìkankan tó ń ré kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni, kì í ṣe ògiri. Bí ìró bá ṣe ń nípọn sí i ni iná tó ń dé tùwítà á máa dín kù, àmọ́ kì í gé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí yẹn kàn jẹ́ ibi tí iná ti dín kù dé ìdajì ni. Ohun tó yẹ kéèyàn wá máa bèèrè ni báwo ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ṣe ga tó, torí èyí tó tẹ́jú wà, èyí tó dà gììrì sì wà.

Fọ́múlà tá a fi ń wá ibi tí kapásítọ̀ kan ṣoṣo ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyí, R ni óòmù tùwítà, C ni kapásítọ̀ ní fáráàdì, 10 µF sì jẹ́ 0.00001 fáráàdì:

```
f = 1 / (2 × 3.14 × R × C)
```

Tó o bá fi óòmù 8 àti 10 µF sí i, bíi 2000 Hz ló máa fún ẹ. Ó ti kéré jù fún họ̀ọ̀nù kékeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó o bá ka ìwé tó bá wọn wá, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ má ṣe gé e sísàlẹ̀ nọ́ńbà báyìí, nọ́ńbà yẹn sì sábà máa ń ju 2000 lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé kapásítọ̀ kan ṣoṣo, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tẹ́jú jù lọ ló ń ṣe. Ní 1000 Hz, níbi tí ohùn akọrin ṣì wà dáadáa, tùwítà ẹ ṣì ń gba bíi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó yẹ kó gbà, ní 500 Hz ó ṣì ń gba bíi ìdá 6. Kò dà bí ohun tó pọ̀, àbí? Àmọ́ ohun kan wà tí wọn kì í sọ féèyàn, pé tó o bá fẹ́ kí dayáfùrámù gbé ohùn tó le bákan náà jáde ní ìdajì fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn ìdajì Hz, ó gbọ́dọ̀ rìn síwá-sẹ́yìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Kapásítọ̀ kan ṣoṣo ń gé fóòtì sí ìdajì nígbà tí fíríkúẹ́ńsì bá dín sí ìdajì. Ìlọ́po mẹ́rin, gé e sí ìdajì, ó ku ìlọ́po méjì. Ìyẹn ni pé pẹ̀lú bí kapásítọ̀ ṣe wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ yẹn, dayáfùrámù ń rìn síwá-sẹ́yìn jìnnà sí i ni bí ìró ṣe ń nípọn sí i, títí á fi dé ibi tí ara òun fúnra ẹ̀ ti ń gbọ̀n lásán. Tó o bá tú tùwítà ẹ tó o rí i pé wáyà mọ́ àmọ́ okùn ẹ̀ já, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i gan-an nìyí.

Kírọ́sófà gidi, èyí tó ní kapásítọ̀ àti kọ́ìlì lọ́nà tùwítà, ń dà gììrì ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Kapásítọ̀ á wà lójú ọ̀nà bíi ti tẹ́lẹ̀, kọ́ìlì á wá dábùú láàárín pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù tùwítà, kí báàsì tó bá ré kọjá kapásítọ̀ lè gba inú kọ́ìlì padà lọ láìdé ara tùwítà. Fún óòmù 8 ní 3000 Hz, 4.7 µF àti kọ́ìlì 0.6 mH ló bá a mu. Pẹ̀lú ìyẹn, ní 1000 Hz tí tùwítà ẹ ti ń gba ìdá 20 tẹ́lẹ̀, ìdá 1 lé díẹ̀ ló kù tó máa gbà, ní 500 Hz kò tó ìdá 1 rárá. Fóòtì wá ń gé sí ìdá kan nínú mẹ́rin ní gbogbo ìgbà tí fíríkúẹ́ńsì bá dín sí ìdajì, ìyẹn sì bá ìlọ́po mẹ́rin ìrìn dayáfùrámù dọ́gba, kò ní máa rìn jìnnà sí i mọ́ bí ìró ṣe ń nípọn sí i. Ohun tó ń ṣe tí kapásítọ̀ ẹ ò lè ṣe nìyẹn.

Wàyí o, èyí tí wọ́n ní kó o rà yẹn, má kàn gba nọ́ńbà ara ẹ̀ gbọ́. Tó o bá dé ọjà, yí bọ́ọ̀dù náà padà kó o wo ọ̀nà tùwítà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ńlá-ńlá sí lára, tó sì jẹ́ kapásítọ̀ kan ni wọ́n fi sójú ọ̀nà tùwítà, kọ́ìlì kan fún wúfà, ó tán síbẹ̀. Ohun tó o ní nílé náà nìyẹn, o kàn fẹ́ san owó sí i ni. Kọ́ìlì méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀ ó kéré tán, ọ̀kan fún wúfà, ọ̀kan fún tùwítà, kó o sì tọ ipa ọ̀nà bàbà ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù láti rí i pé kọ́ìlì tùwítà dábùú lóòótọ́.

Ohun kejì tó o gbọ́dọ̀ wò ni óòmù tí wọ́n ṣe é fún, torí nọ́ńbà 3000 yẹn ò wúlò lọ́wọ́ ara ẹ̀. Wọ́n gbé àpótí kan wá fún mi nígbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Íbàdàn, wọ́n ní àwọn èèyàn tó jókòó lẹ́yìn ń gbọ́ ìlù, wọ́n ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àmọ́ wọn ò gbọ́ ohun tí pásítọ̀ ń sọ. Wọ́n ti pààrọ̀ máìkì, wọ́n ti pààrọ̀ míkísà. Nígbà tí mo tú u, kírọ́sófà óòmù 8 ló wà níbẹ̀, kapásítọ̀ 6.8 µF kan fún tùwítà, kọ́ìlì bíi 0.42 mH kan fún wúfà, gé-e-ní-3000 ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹnì kan ti fi tùwítà kejì kún ti àkọ́kọ́, ó so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wúfà tó sì fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́, óòmù 4 ni. Tùwítà óòmù 8 méjì tá a so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti di óòmù 4 nìyẹn. Fi 4 sínú fọ́múlà òkè yẹn dípò 8, tùwítà ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi lẹ́bàá 5900 Hz, wúfà ní tiẹ̀ sì ti ń ká ọwọ́ kúrò láti 1500. Láàárín méjèèjì, kòtò ńlá. Inú kòtò yẹn gan-an sì ni ohun tó ń jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ mọ̀ wà, ibi tí "t" ti ń yàtọ̀ sí "k". Mo yọ tùwítà kejì, mo wá wúfà óòmù 8 fún wọn, ohùn pásítọ̀ yọ lọ́jọ́ yẹn láìfọwọ́ kan míkísà. Torí náà tí tìẹ bá jẹ́ óòmù 8 lóòótọ́, kírọ́sófà óòmù 8 ni kó o rà. Fi mítà wọn tùwítà tuntun, óòmù 8 máa ń fi bíi 6 hàn lójú mítà, má jẹ́ kíyẹn yà ẹ́ lẹ́nu.

Tó o bá ti so ó tán, nǹkan kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Irú kírọ́sófà oníkọ́ìlì yìí ń yí àkókò ìró padà débi pé níbi tí wúfà àti tùwítà ti pàdé, bí ọ̀kan bá ń tì síwájú, èkejì ń fà sẹ́yìn, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń so wáyà tùwítà lódì, pọ́sítíìfù sí nẹ́gétíìfù. Àmọ́ họ̀ọ̀nù tìẹ gùn sẹ́yìn, ìyẹn náà ń fi àkókò kún un, mi ò lè jókòó síbí kí n sọ fún ẹ pé bó ṣe yẹ kó wà nìyí. Gbọ́ ọ fúnra ẹ. Jẹ́ kẹ́nì kan máa sọ̀rọ̀ nínú máìkì ní fọ́líùmù kékeré, dúró síwájú àpótí bíi mítà mẹ́ta, gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà pa á, yí wáyà tùwítà padà, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀kan nínú méjèèjì á dà bíi pé ẹni náà ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò. Èkejì ni kó o fi sílẹ̀.

Ní báyìí, tí wáyà tùwítà ẹ tó kú bá ti dúdú, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ẹ, kírọ́sófà nìkan lè má gbà á là. Nígbà tí òde bá gbóná tẹ́ ẹ ti fa ampilifáyà dé òpin, tí iná pupa tí wọ́n kọ CLIP sí ò kú mọ́, orí ìró á máa di gígé pẹrẹsẹ, gígé yẹn sì ń bí ìró tín-ín-rín tuntun tí kò sí nínú orin tẹ́lẹ̀, ibi tí tùwítà wà ló sì máa lọ, òkè 3000 ni, kírọ́sófà á ṣílẹ̀kùn fún un ni. Máìkì tó ń hó fíìì náà, bákan náà. Tí wọ́n bá kọ 200 wáàtì sẹ́yìn tùwítà, kò túmọ̀ sí pé wáyà bí irun yẹn lè gba 200 wáàtì, ohun tí wọ́n sábà ní lọ́kàn ni pé o lè lò ó lórí ampilifáyà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí kírọ́sófà bá ti kó báàsì kúrò.

Ohun tó lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ ni rẹ̀sísítọ̀ méjì. Họ̀ọ̀nù sábà máa ń dún ju wúfà lọ dáadáa, o lè ti ṣàkíyèsí pé tírẹ́bù ẹ ń gún etí. Lẹ́yìn kírọ́sófà, kó tó dé tùwítà, fi óòmù 4 sójú ọ̀nà pọ́sítíìfù, kó o fi óòmù 8 dábùú tùwítà, àwọn funfun oníbíríkì wọ̀nyẹn, 20 wáàtì. Kírọ́sófà ṣì máa rí óòmù 8 bó ṣe fẹ́, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, àmọ́ fóòtì tó dé tùwítà á di ìdajì, ooru ẹ̀ á sì di ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Èmi ò kan họ̀ọ̀nù sí àpótí òde láìfi wọ́n sí i mọ́.

Tí owó ò bá sí rárá lóṣù yìí, yọ 10 µF yẹn, fi fíìmù 4.7 µF kan ṣoṣo síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ méjì yẹn. Ó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́bàá 4200 Hz, ní 1000 Hz tùwítà á gba bíi ìdá 5 dípò 20. Ohun tó o máa pàdánù ni pé wúfà ínṣì 10 á máa kọrin lọ sókè jù, ìró tó wà níbẹ̀ á sì máa lọ tààrà bí iná tọ́ọ̀ṣì, àwọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ò ní gbọ́ ọ dáadáa. Ó sàn ju kó o máa ra tùwítà lóṣooṣù.

Wọ́n tún lè sọ fún ẹ pé kó o ra kírọ́sófà oníná, èyí tó ń pín ìró kó tó dé ampilifáyà. Ó dáa gan-an. Irú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Siegfried Linkwitz àti Russ Riley tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard ni wọ́n gbé e jáde ní 1976, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀ dà gììrì ní ìlọ́po méjì èyí tí mò ń sọ yìí. Àmọ́ ampilifáyà méjì lo máa nílò, tùwítà á sì so tààrà mọ́ ampilifáyà tiẹ̀, tí ọmọ kan bá ṣèèṣì yí bọ́tìnnì ẹ̀ lọ sí 300, tùwítà ti lọ nìyẹn. Fún àpótí méjì, mi ò ní rà á. Kírọ́sófà oníkọ́ìlì méjì àti rẹ̀sísítọ̀ ni mo máa fi owó yẹn rà.

Ọjọ́ tó o bá so gbogbo ẹ̀ tán, má tíì gbé tùwítà tuntun síbẹ̀. Wá sípíkà kékeré kan tó jẹ́ óòmù 8, tí kò ní dùn ẹ́ kódà tó bá bàjẹ́, so ó sójú wáyà tùwítà, kó o fi orin tó ní ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí i ní fọ́líùmù kékeré. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti "s" ẹnu akọrin nìkan ló yẹ kó o gbọ́, tín-ín-rín, bí ẹni pé rédíò kékeré wà ní yàrá kejì. Tó o bá gbọ́ ìlù báàsì níbẹ̀, pa á, wáyà kan ti ṣì lọ, tún tọ ipa bọ́ọ̀dù yẹn látìbẹ̀rẹ̀.